Kí o ta ṣíà báyìí, àbí kí o gba nóòtù?

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Yábàá ní mílíọ̀nù kan ṣíà nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, olùdókòwò sì fẹ́ fún un ní $100,000. Tó bá ta ṣíà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n fi iye ilé-iṣẹ́ náà sí $900,000 kí owó tó wọlé, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Ó mọ ohun tó tà, àmọ́ owó lọ́yà àti àríyànjiyàn lórí iye kì í ṣe kékeré.

Nóòtù yá ju ìyẹn lọ. Gbèsè ni, tí yóò di ṣíà nígbà ìkówójọ tó kàn. Kápù ni kí o fojú sí: iye ilé-iṣẹ́ tó ga jù lọ tí wọ́n á fi ṣírò ṣíà olówó nóòtù. Ká ní kápù jẹ́ $1,000,000, èlé sì jẹ́ ìdá 10 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹlòmíì dé, ó fi iye ilé-iṣẹ́ sí $4,000,000. Bí wọ́n bá fi mílíọ̀nù kan ṣíà yẹn ṣírò, $4 lòun máa ra ẹyọ kan. $1 péré ni ti olówó nóòtù. $110,000 rẹ̀ á di 110,000 ṣíà, bí ìdá 10 yẹn náà ni kí ẹni tuntun tó bu tirẹ̀. "Mi ò tíì ta nǹkan kan" tí àwọn tó ń gba nóòtù máa ń wí yẹn? Wọ́n ti tà á. Èmi ò ní gba nóòtù àfi tí kápù bá ga dáadáa ju iye òní lọ.

Bí ìkówójọ kò bá sì wáyé kí ọjọ́ ìsanpadà tó pé, olówó lè ní kí o san owó òun tèlé-tèlé, nígbà tí o ti fi san owó oṣù àti dísù jẹnẹrétọ̀.