GB 92 lọ ní òru kan: àgbéyẹ̀wò mi lórí bí Steam ṣe ń gbé géèmù láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé

Inú ló bí mi tí mo fi kọ́kọ́ jókòó kọ èyí, àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi ni mo sì fẹ́ fi bú. GB 150 ni mo máa ń rà lóṣù. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, mo wo ohun tó kù kí n tó sùn: GB 103. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, GB 11 ni mo bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo fíìmù, kò sẹ́ni tó jí lóru.

Mo pe àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa rọ́tà, kí n tún un tàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá tún un tàn, ṣé dátà mi á padà wá?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá tún ní kí n pa rọ́tà. Ẹnì kejì ní bóyá aládùúgbò ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà wáífáì mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi pé mo fi gbogbo ọ̀sán wo aládùúgbò mi bí ẹni tó jí mi ládìẹ.

Obìnrin kan ló gbé ìpè mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti pariwo kó tó kí mi tán. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n wo wákàtí tó lọ." Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní láti aago kan òru sí aago márùn-ún ìdájí ni, àti pé bákan náà ló ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dúró, kò dínkù. "Ẹni tó bá ń wo nǹkan kì í lò ó báyìí, ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà nílé yín? Ṣé géèmù wà lórí wọn?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Mo ṣí Steam, ètò tí a fi ń ra géèmù tí a sì fi ń fà á wálẹ̀, mo sì wo ojú ìwé Downloads rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi. Géèmù tí èmi àti àbúrò mi jọ máa ń gbá ti gba àtúnṣe GB 46 lóru. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi tó wà ní yàrá kejì: àtúnṣe kan náà, GB 46 kan náà, òru kan náà. Ẹrù kan ṣoṣo ni a san owó ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé èmi ni mo fi àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì sílẹ̀ ní títàn, tí n kò sì fọwọ́ kan ètò wọn rí.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí àtúnṣe kan tóbi tó bẹ́ẹ̀. Steam kì í fa odidi géèmù wálẹ̀ nítorí àtúnṣe. Ó máa ń gé fáìlì sí ègé tó tó bíi MB 1, ègé tó bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ nìkan ló sì ń fà. Àmọ́ àwọn tó ṣe géèmù lè di gbogbo àwòrán àti ohùn pọ̀ sínú fáìlì ràgàjì kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u palẹ̀ tí wọ́n tún un dì, ègé tó máa yàtọ̀ lè pọ̀ jọjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tuntun kan péré ni wọ́n fi kún un.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wọ Settings, mo wọ Downloads, mo sọ fún Steam lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì pé `Wait until I launch the game`. Láti ìgbà náà, kò sí àtúnṣe tó ń wọlé lóru mọ́. Èyí kì í dín iye dátà kù o. Yóò kàn dúró dè yín di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí géèmù ni.

Ojú ìwé yẹn náà ni mo ti rí ohun tí mo wá ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ gan-an: `Game File Transfer over Local Network`. Láti 2023 ló ti wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé bá ti ní géèmù náà, tàbí àtúnṣe rẹ̀, èkejì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí rọ́tà yín, láìjẹ dátà. Àkáǹtì ara ẹni nìkan ló máa ń fún bí ẹ kò bá yí i padà. Níwọ̀n bí èmi àti àbúrò mi ti ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí oníkálukú sì ra géèmù tirẹ̀, mo yí i sí `Friends only`.

Oṣù tó tẹ̀lé e, àtúnṣe GB 31 dé. Mo fà á sórí kọ̀ǹpútà mi tán pátápátá, mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ kó má sùn, mo wá ní kí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ iye dátà tó kù sórí ìwé! Nígbà tí mo tún wò ó, GB 4 ti lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa kọsẹ̀ nìyẹn: bí Steam kò bá rí kọ̀ǹpútà kejì, kò ní dúró bèèrè lọ́wọ́ yín, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà lọ.

Mo dá a dúró kíá. Kí ló fà á? Wáífáì àlejò ni láptọ́ọ̀pù náà wà lórí rẹ̀, rọ́tà kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ rí àwọn ará ilé. Lẹ́yìn náà, Windows ka wáífáì wa sí `Public network`, ìyẹn bí ìgbà tí èèyàn wà ní gbàgede, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà pamọ́. A gbé e sórí wáífáì ilé, a yí i sí `Private network`, a fi wáyà so kọ̀ǹpútà tèmi mọ́ rọ́tà, a sì tẹ̀síwájú. GB 27 tó kù wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Mo tún dátà wò: kò tó MB 50 tó lọ. Mo pariwo débi tí àbúrò mi fi rò pé mo já bọ́ lórí àga.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì wọ Steam, àkáǹtì tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ ní géèmù náà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń gbé ibòmíràn, ẹ gba fóldà géèmù náà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí háàdì díráìfù, ẹ dà á sínú `steamapps\common` láìyí orúkọ rẹ̀ padà, kí ẹ tó tẹ Install. Steam yóò yẹ ohun tó wà níbẹ̀ wò, yóò sì fa èyí tó bá kù wálẹ̀.

Mo tún pe àwọn oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ẹni tó gbé e ní kí n pa rọ́tà, kí n tún un tàn.

Obìnrin yẹn: 5 nínú 5. Ilé iṣẹ́ rẹ̀: 1. Gbígbé géèmù láàárín ilé: 3. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n GB 11 ni mo fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.