Ilé-ẹ̀kọ́ PMP méjì l'Ékòó, ti Yaba àti ti Marina: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ìdánwò PMP tí àjọ PMI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ń múni gbáradì fún. Ọ̀kan wà ní Yaba, èkejì wà nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Marina. Mo ti jókòó ní kíláàsì àwọn méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí àléébù tí mo fẹ́ sọ kò mọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Owó ti Marina fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Yaba. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fúnni lóúnjẹ ọ̀sán. Ní Yaba, ẹ gbé omi yín dání.

Marina kọ ọ́ gàdàgbà sára bébà ìpolówó wọn pé 98% àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ló ń yege. PMI kì í sọ iye ẹni tó yege fáráyé, kì í sì í sọ iye máàkì tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Èsì tó ń wá sọ́wọ́ yín kàn máa sọ bóyá ẹ yege tàbí ẹ ò yege ni, pẹ̀lú ìwọ̀n fún apá kọ̀ọ̀kan, láti "Above Target" títí dé "Needs Improvement". Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fúnra rẹ̀ ka iye tó ń polówó. Kí ẹ bi wọ́n pé: 98 nínú ta ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò rẹ̀. Ká ní èèyàn 40 sanwó. Àwọn 12 kò ní ìrírí tí PMI ń béèrè, àwọn 13 ń sún ọjọ́ ìdánwò síwájú títí wọ́n fi pa á tì. Ó ku 15 tó jókòó ṣèdánwò, 14 nínú wọn sì yege. Bí ẹ bá pín 14 sí 15, ẹ óò rí 93%. Bí ẹ bá pín in sí 40 tó sanwó, 35% ni. Kò sí irọ́ nínú ìkíní, àmọ́ ìkejì ló kan ẹni tó fẹ́ yọ owó lápò. Nígbà tí mo bi ti Marina, èsì wọn ni pé nínú àwọn tó fi èsì wọn ránṣẹ́ sáwọn lórí Wásáàpù ni. Ta ló máa ń fi èsì ìkùnà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wásáàpù?

Yaba kò ní ìpín ọgọ́rùn-ún kankan lára ògiri. Ìwé kan ni wọ́n ṣí, wọ́n fi bébà bo orúkọ: kíláàsì kọ̀ọ̀kan, iye tó bẹ̀rẹ̀, iye tó ṣèdánwò, iye tó yege ní ìgbà àkọ́kọ́, iye tó tún un ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ kò dé ibi tí Marina ń pariwo rárá. Mo gbà á gbọ́ ju 98 lọ.

Ìdí kan tún wà tí àwọn ará Yaba fi ń ṣèdánwò ju àwọn ará Marina lọ. PMI fẹ́ kí ẹni tó ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin ti darí iṣẹ́ àkànṣe fún oṣù 36. Ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí girama nìkan ń fẹ́ oṣù 60. Wákàtí 35 ti ẹ̀kọ́ wá gun orí ìyẹn. Kí Yaba tó gbowó, ẹ óò kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, oṣù tó gbà, ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n dá obìnrin kan padà lójú mi, wọ́n ní kó lọ kọ́kọ́ ṣe CAPM, ìdánwò PMI fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí èyí kò béèrè ìrírí. Nọ́ńbà àkáǹtì ni Marina kọ́kọ́ fún mi.

Ní ti olùkọ́, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lórí bébà Marina mọṣẹ́ gan-an. Sátidé àkọ́kọ́ ni a rí i mọ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ká há ìlànà 49 inú PMBOK, ìwé atọ́nà PMI, sórí: ẹ̀dà kẹfà, èyí tó jáde ní 2017. Ẹ̀dà keje ti jáde láti 2021, ó sì gbé ìlànà 49 yẹn kúrò láàárín ọ̀rọ̀. Láti ọdún yẹn kan náà ni ó kéré tán nǹkan bí ìdajì ìbéèrè ti ń dá lórí ọ̀nà ájáìlì, ìyẹn ṣíṣe iṣẹ́ ní ìpín kéékèèké tó ṣeé yí padà, tàbí àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́. Ẹni tó bá há nǹkan sórí yóò dé gbọ̀ngàn, yóò sì rí i pé wọn ò bi í. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò kọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ wá báàjì PMP rẹ̀ lórí Credly, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi irú báàjì bẹ́ẹ̀ hàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ náà sínú rìsíìtì.

Ẹ wo bí ti Yaba ṣe mú ìbéèrè kan. Oníbàárà fà òṣìṣẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó fi ohun tuntun kún iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni alábòójútó yóò kọ́kọ́ ṣe? Ó pọ̀ nínú wa tó mú "kó fi ìbéèrè àyípadà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àyípadà". Olùkọ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì tó àkókò: kí lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ ò tíì mọ ohun tí yóò ṣe sí owó àti ọjọ́? Ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ yẹ ipa rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló yí i padà: bó bá jẹ́ iṣẹ́ ájáìlì ńkọ́? Ó ní inú àkójọ iṣẹ́ tó ń dúró ni ohun tuntun náà ń lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní "product owner" ló sì ń pinnu ipò tó máa wà. "Kọ́kọ́" inú ìbéèrè ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lo ọ̀sán odindi lórí rẹ̀. Ní Marina, lẹ́tà ìdáhùn ni wọ́n ń pè: B, C, A, D.

Ó wá ku owó. "Ìdánilójú yíyege" ni Marina ń tà, àmọ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ óò tún kíláàsì jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí owó kankan tó ń padà. Kódà kẹ́ ẹ tó rí ìyẹn gbà, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba 75% nínú gbogbo ìdánwò ìgbáradì, kí ẹ sì ṣe ìdánwò gidi láàárín ọjọ́ 60 tí kíláàsì parí. Ọjọ́ 60 yìí ni pańpẹ́. PMI lè lo ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín. Bó bá wá mú fọ́ọ̀mù náà fún àyẹ̀wò ìwé, ọ̀gá àtijọ́ kan tó ti lọ sí Kánádà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ sì lè lo oṣù kan lórí ìyẹn nìkan. PMI fúnra rẹ̀ fúnni ní ọdún kan àti ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Wọ́n tún ní kò sí dídá owó padà ní kété tí ẹ bá ti gba ìwé ẹ̀kọ́. Ìwé ọ̀hún dé sínú í-meèlì mi kí rìsíìtì tó dé. Ti Yaba: ẹ kọ̀wé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú kíláàsì, wọn á yọ ìdá mẹ́wàá, wọn á dá ìyókù padà, lẹ́yìn Sátidé àkọ́kọ́, ìdajì, lẹ́yìn èkejì, kò sí mọ́. Ìyẹn le díẹ̀, àmọ́ ó yéni. FCCPA, òfin ààbò oníbàárà ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2018, fúnni ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tí a sanwó rẹ̀ sílẹ̀, olùtajà sì lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ mẹ́nu ba òfin yẹn ṣáájú kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bí ojú wọn ṣe rí.

Owó ìdánwò kò sí nínú gbogbo èyí: PMI lẹ ń san án fún ní dọ́là. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní òun fẹ́ bá yín san án, kí ó san án lórí àkáǹtì PMI tó jẹ́ orúkọ yín, níṣojú yín.

Yaba ni mo máa rán èèyàn lọ. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń sanwó, tí ẹ sì ti mọ ájáìlì dénú, Marina ò ní pa yín lára.