Ọ̀pá Kọ́tìnì Oní-Sípíríǹgì fún Ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì Nínú Yàrá Họ́sítẹ́ẹ̀lì: Ohun Tí Mo Rí Lára Rẹ̀ ní Ìkòròdú

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, mo ra ọ̀pá kọ́tìnì oní-sípíríǹgì kan ní ọjà Sábó ní ₦4,500, kí n lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì sí yàrá tí èmi àti àbúrò kan jọ ń gbé ní Òdògúnyàn, ní Ìkòròdú, nítòsí ilé-ìwé tí gbogbo wa ń pè ní Pọ́líì kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2022. Nínú ìwé àdéhùn ilé wa, a kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri, a kò gbọdọ̀ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, wọ́n sì ka àwọn ìkọ́ onígọ́ọ̀mù náà léèwọ̀.

Èmi kò bá onílé jà lórí òfin yìí, nítorí ojú mi ti rí i. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo kọ́kọ́ gbé, sẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ rìbọ́ọ̀nù yí yàrá ká. Nígbà tí mo ń tú u ní oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀dà bá a bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì ku sìmẹ́ńtì lásán. Bí a bá kun ojú ibẹ̀ nìkan, àwọ̀ ọ̀dà tuntun kì í bá ti àtijọ́ mu, nítorí náà gbogbo ògiri ni wọ́n tún kùn, inú owó ìdógò mi ni wọ́n sì ti yọ ₦8,000. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ohun tí yóò dúró nípa agbára ara rẹ̀.

Páìpù méjì ni ọ̀pá náà, ọ̀kan wọ inú èkejì, sípíríǹgì sì wà nínú wọn. Orí rẹ̀ méjèèjì ní rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ. Tèmi máa ń nà láti 70 sẹ̀ǹtímítà dé 120. Inú ihò fèrèsé ni mo fẹ́ fi sí, níbi tí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti dojú kọ ara wọn, mo sì fi téèpù aránṣọ wọn àlàfo náà: 112 sẹ̀ǹtímítà ni. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọn a na ọ̀pá sí ìwọ̀n àlàfo gan-an. Ó yẹ kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 gùn jù ú lọ. A óò di páìpù kékeré mú, a óò máa yí èyí tó tóbi títí yóò fi gùn tó bẹ́ẹ̀, a óò gbé orí kan ti ògiri, a óò ti ọ̀pá wọlé, kí a tó jẹ́ kí orí kejì lọ bá ògiri tirẹ̀ ní gíga kan náà. Sẹ̀ǹtímítà 3 tí a fún pọ̀ yẹn ni sípíríǹgì fi ń ti ògiri, títì náà ni kò sì jẹ́ kí rọ́bà yọ̀.

Gbogbo èyí ni mo ṣe, síbẹ̀ ó já lulẹ̀ ní òru ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ti fi ewé oníke gígùn àti rìbọ́ọ̀nù pupa kọ́ ọ, mo sì so ìràwọ̀ páálí ńlá kan mọ́ àárín rẹ̀ pẹ̀lú àpótí bátìrì iná wínníwínní. Ní nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ gbàǹgà. Àbúrò náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo apá òsì.” Ilà dúdú kan wà lára ògiri níbẹ̀, ó dàbí pé ènìyàn fi èédú fà á wálẹ̀, ó gùn tó ìka méjì. Apá ọ̀tún mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo yí rọ́bà apá òsì wò, ẹfun ọ̀dà funfun ti bò ó bí ìyẹ̀fun.

Ohun méjì ló fa ìṣubú náà. Ọ̀dà olómi tí kò lágbára máa ń ta ẹfun sí ènìyàn lọ́wọ́, eruku ọyẹ́ sì tún lé e lórí, nítorí náà orí ìyẹ̀fun ni rọ́bà dúró lé, kì í ṣe orí ògiri. Èkejì ni ìràwọ̀ àárín. Bí àárín ọ̀pá bá tẹ̀, orí rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, rọ́bà kò ní fi gbogbo ojú tẹ ògiri mọ́, bèbè rẹ̀ nìkan ni yóò máa kàn án.

Mo fi aṣọ ọ̀rinrin nu ojú ibi méjèèjì, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì nu rọ́bà náà. Kí ilà dúdú má baà tún wáyé, mo gé bàtà sílípáàsì funfun àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, mo sì fi ẹyọ kan tẹ́ abẹ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Fóòmù sílípáàsì di ògiri mú dáadáa, kò sì ní àwọ̀ tí yóò kọ sí ọ̀dà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́, nítorí náà ní ọjọ́ kejì, mo tún fi nǹkan bí ìdajì yíyí na ọ̀pá náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi omi inú ọ̀rá dán an wò. Ọ̀rá kan tó gba 50 sẹ̀ǹtílítà wúwo tó ìdajì kílò, kò sì sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní i. Mo so ọ̀rá méjì mọ́ àárín ọ̀pá, ó dúró di àárọ̀. Nígbà tí mo so ìkẹta mọ́ ọn, ó tẹ̀ débi tí ojú lásán fi rí i, mo sì tètè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pín mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, méjì lápá kan, méjì lápá kejì, kò mira. Ohun tí yóò gbé sinmi lórí ibi tí a so ẹrù mọ́.

Bí mo ṣe tún ọ̀ṣọ́ náà ṣe nìyẹn. Ewé oníke wà ní igun méjèèjì, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí kọ́tìnì tí a pa lójú. Ìràwọ̀ kékeré tí a fi bébà dídán ṣe ló wà ní àárín. Àpótí bátìrì kúrò lórí ọ̀pá, ó jókòó sórí pẹpẹ fèrèsé, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló sì gòkè. Bátìrì mẹ́ta ni iná náà ń lò, nítorí náà kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú bí iná ìjọba bá lọ, kò sì sí wáyà iná mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé oníke. Ní alẹ́, láti òpópónà, fèrèsé wa máa ń tàn bí ẹyin ojú, inú mi sì dùn sí i gidigidi.

Mo gbìyànjú ọ̀pá yìí láàárín ògiri àti wọ́dúróòbù pẹ̀lú, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. Pákó ẹ̀gbẹ́ wọ́dúróòbù tẹ̀ sínú, wọ́dúróòbù fúnra rẹ̀ sì rìn díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá fi já lulẹ̀. Àárín ògiri yàrá sí ògiri yàrá ní tiwa sì lé ní mítà mẹ́ta, ọ̀pá mi kò sì lè dé ibẹ̀ rárá.

Nígbà tí àkókò tó láti tú u, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti páìpù wọlé kí rọ́bà tó kúrò lára ògiri, nítorí pé fífà á wálẹ̀ ló ń kọ ilà. Ilà òru ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo fi aṣọ ọ̀rinrin àti ọṣẹ díẹ̀ nù, jẹ́jẹ́, kí ọ̀dà má baà bá a lọ. Bàbá tó ń mójú tó ilé wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìn-ín-ní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ fèrèsé méjèèjì, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ọmọ yìí kò ṣe ọdún ni?” Mo fi ọ̀pá hàn án. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì béèrè iye tí mo rà á.