Ẹ̀rọ Atúmọ̀ Méjì Lórí Ìwé Ìwádìí Kòríà Kan: Gbólóhùn Tí Ẹ Ó Pa Mọ́ àti Èyí Tí Ẹ Ó Tún Kọ

Ẹni tó bá fẹ́ sanwó fún ẹ̀rọ tí yóò máa túmọ̀ ìwé ìwádìí láti èdè Kòríà sí Gẹ̀ẹ́sì yóò bá oríṣi méjì pàdé lọ́jà. Oríṣi kìíní ni ẹ̀rọ atúmọ̀ pọ́ńbélé, irú Papago ti iléeṣẹ́ Naver ní Kòríà, tàbí DeepL ti Jámánì tó fi èdè Kòríà kún iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2023. Oríṣi kejì ni ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnni, tí wọ́n máa ń kó odindi ìwé fún pẹ̀lú àlàyé ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń rọ̀ mọ́ gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀. Èkejì máa ń wo ìpínrọ̀ lápapọ̀, ó sì máa ń tún un tò kó lè dùn-ún kà. Irú àṣìṣe tí kálukú wọn ń ṣe ló yẹ kẹ́ ẹ fi yàn.

Kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ Kòríà náà ná. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí jẹ́ fáìlì PDF olópòó méjì. Bẹ́ ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ látinú rẹ̀, ìlà lè já sí àárín ọ̀rọ̀, láìsí àmì kankan tó máa fi hàn pé ó já. Bí `자아존중감`, ìyẹn iyì tí ènìyàn ní lójú ara rẹ̀, bá di `자아존 중감`, ẹ̀rọ méjèèjì á máa méfò ni. Nítorí náà, ẹ so àwọn ìlà pọ̀, ẹ fi ojú ìwé gangan yẹ ibi ìsopọ̀ wò, kẹ́ ẹ wá gé e sí gbólóhùn. Gígé rẹ̀ kò nira, torí pé `다.` ni gbólóhùn ìwé ìwádìí Kòríà sábà máa ń parí sí. Ẹ wá gbogbo rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ bọ́ sí ìlà tuntun lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú tábìlì olópòó mẹ́rin: Kòríà, ẹ̀rọ kìíní, ẹ̀rọ kejì, èyí tẹ́ ẹ yàn.

Kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ ka iye gbólóhùn. Bí ti Kòríà bá jẹ́ 40, tí ti ẹ̀rọ kan sì jẹ́ 38, ó ti pa àwọn kan pọ̀ tàbí ó ti fo nǹkan. Oríṣi kejì ló sábà máa ń ṣe èyí, ojú lásán kò sì lè rí i, nítorí ìpínrọ̀ náà á ṣì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun tó yọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan irú èyí tó máa ń wà ní apá àbájáde:

```
만 19세 이상 대학생을 대상으로 조사한 결과, 자아존중감은
우울과 부적 상관을 보였으나 성별에 따른 유의한 차이는
나타나지 않았다.
```

Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n wádìí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ti pé ọdún 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iyì ara ẹni ṣe ń ga ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dínkù. Kò sì sí ìyàtọ̀ tó jọjú lójú ìṣirò láàárín ọkùnrin àti obìnrin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ara ọjọ́ orí. `만` yìí fi hàn pé ọdún tí ènìyàn ti lò pé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìkà àtijọ́ ilẹ̀ Kòríà, tí ọmọ ti ń jẹ́ ọmọ ọdún kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ ti ṣì í mú fún nọ́ńbà yẹn. `이상` sì kó 19 fúnra rẹ̀ mọ́ra. Ìtumọ̀ tó bá sọ pé “àwọn tó ju ọmọ ọdún 19 lọ” ti lé àwọn ọmọ ọdún 19 jáde. `초과` ni Kòríà ì bá lò fún ìyẹn. Àtúnṣe ọ̀rọ̀ kan péré tó o, ẹ má ṣe tún odindi gbólóhùn kọ nítorí rẹ̀.

Ibi tó léwu jù ni `부적 상관`. Nínú ìwé ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá àti ti ẹ̀kọ́, ìbátan tí ọ̀kan ti ń gòkè bí èkejì ti ń sọ̀ ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lóde ìwé ìwádìí, `부적` ni wọ́n ń pe tírà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Orogún rẹ̀, `정적 상관`, ìyẹn ìbátan tí méjèèjì ti ń gòkè pọ̀, náà lè di “ohun tó dúró lójú kan”. Ẹ̀rọ kìíní tó ń wo gbólóhùn kan ṣoṣo lè ṣubú síbẹ̀, àṣìṣe náà á sì hàn gbangba, torí kò ní bọ́gbọ́n mu. Èkejì tó bá ṣubú lè fi “ìbátan tí kò tó nǹkan” dí i, ẹni tó ń kà á kò sì ní fura. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń kọ `부(-)` tàbí `정(+)` láti dènà èyí. Bí tiyín kò bá ní àmì náà, ẹ wo tábìlì nọ́ńbà inú ìwé: bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà ìbátan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ìparí gbólóhùn ni `않았다`, àmì òdì, wà. Ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní “kò sí ìyàtọ̀” tàbí “kò sí ìyàtọ̀ tó jọjú lójú ìṣirò”. `유의한` ló dá wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó fẹ́ràn kí èdè já geere máa ń gé e dànù, ohun tí ìwádìí náà rí á sì yí padà pátápátá. Bí ó bá ti gé e, ẹ mú ti ẹ̀rọ kìíní, bó tilẹ̀ rí págunpàgun.

Ọ̀ràn kejì wà ní apá ìjíròrò:

```
이러한 결과는 사회적 지지가 우울을 완화할 수 있음을
시사하는 것으로 판단된다.
```

Ìpele mẹ́ta ni òǹkọ̀wé fi ṣọ́ ẹnu níhìn-ín. `수 있음` ní “ó lè”. `시사` ní “ó tọ́ka sí i”. `판단된다` ní “bó ṣe rí lójú wa nìyẹn”. Lápapọ̀, ó ní àbájáde yìí jọ pé ó ń tọ́ka sí i pé àtìlẹ́yìn àwọn èèyàn ẹni lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúyẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ ọ́ pé àtìlẹ́yìn ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, ẹ tún un kọ, kò sí àní-àní. Ẹ kò ní láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ Gẹ̀ẹ́sì, torí èdè náà á wúwo. Méjì tó, bí agbára ọ̀rọ̀ náà kò bá ti ga ju ti òǹkọ̀wé lọ.

Níbi tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti takora ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi àkókò yín sí, torí ó dájú pé ọ̀kan ti ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹnu kò, ìyẹn kò sọ pé wọ́n tọ̀nà: ẹ̀rọ méjèèjì lè ṣi `이상` gbọ́ bákan náà. Nọ́ńbà, àmì òdì àti ìhà tí ìbátan kọjú sí, ẹ yẹ̀ wọ́n wò nínú gbogbo gbólóhùn. Bí ẹ bá sì mú gbólóhùn kan lọ́dọ̀ kìíní, tẹ́ ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ èkejì, orúkọ ohun kan náà lè yàtọ̀. Púpọ̀ ìwé ìwádìí Kòríà ní àkékúrú tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò jálẹ̀.

Fún ẹni tí yóò fa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé náà sínú iṣẹ́ tirẹ̀, oríṣi kìíní ni a ó ní kó rà, nítorí àṣìṣe rẹ̀ máa ń hàn síta. Kẹ́ ẹ rí i dájú pé ó gba àkójọ orúkọ tiyín láti Kòríà sí Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe fún èdè mìíràn nìkan. Ẹni tó kàn fẹ́ ka ogún ìwé kó lè mọ èyí tó kan òun, oríṣi kejì yá jù fún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó èyíkéyìí, ẹ fi ìpínrọ̀ kan láti apá ọ̀nà ìwádìí, ọ̀kan láti àbájáde àti ọ̀kan láti ìjíròrò dán an wò. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé náà kò tíì jáde fáyé rí, ẹ ka àdéhùn wọn dáadáa, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá kó fún wọn.