Ẹ fi owó ẹyọ kan táìlì kí ẹ tó sanwó tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún agbaṣẹ́ṣe tó bá ń kánjú gba owó tó kù kí omi tó kan ilẹ̀ balùwẹ̀ yín. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é.

Ògiri dán, ilẹ̀ dán, mo sanwó tán. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí omi fi ń dúró sídìí ògiri, tí kò lọ síbi ihò. Ni mo bá mú owó ẹyọ, mo ń kan àwọn táìlì náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó lẹ̀ dáadáa á dún kì, ṣùgbọ́n 11 nínú 40 ń dún bí igbá òfìfo. Ọ̀kan ti ń mì, mo bá ṣí i. Ìṣù sìmẹ́ńtì márùn-ún péré ló wà lábẹ́ rẹ̀, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìyókù! Irú táìlì bẹ́ẹ̀, tí nǹkan wúwo bá já lù ú, fífọ́ ló máa fọ́.

“Mò ń bọ̀ lọ́la, ẹ má bínú” ni agbaṣẹ́ṣe náà ń sọ lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà, mo ya àwòrán mọ́ ọn, mo sì tọ́jú ẹ̀dà kan:

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Táìlì 11 ní ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ṣófo lábẹ́, mo ti fi àmì sí wọn. Ilẹ̀ náà kò dagẹ̀rẹ̀ sí ihò. Ó yẹ kó fi ó kéré tán sẹ̀ńtímítà kan rẹlẹ̀ nínú mítà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tú ilẹ̀ náà, kí ẹ tún un tẹ́, kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó iṣẹ́ ilẹ̀ nìkan padà lọ́jọ́ náà. Mi ò bèèrè owó ògiri, torí ògiri dára.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí kò rí ohun tó máa fi sọ pé mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Mi ò sì jẹ́ kí oníṣẹ́ mìíràn fọwọ́ kan ilẹ̀ náà kí ọjọ́ tó pé. Ì bá ní ẹni yẹn ló bà á jẹ́.

Ọjọ́ 23 ló dé, pẹ̀lú ike sìmẹ́ńtì funfun kékeré. Ó fẹ́ fi kun àárín táìlì, kó sì máa lọ! Mo ní kó kọ́kọ́ kan èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kàn án. Kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dá owó ilẹ̀ padà.