Owó Wákàtí àti Owó Àgbàṣe: Èwo Ló Tọ́ fún Iṣẹ́ Ayàwòrán?

Nígbà tí mo ń wá ẹni tí yóò ya bébà àlẹ̀mọ́ fún ọ̀rá èlùbọ́ mi, oníkílò kan àti oníkílò méjì, ayàwòrán méjì dá mi lóhùn n'Íbàdàn. Ọ̀kan ní 6,000 náírà ni wákàtí òun. Èkejì ní 90,000 náírà ni òun yóò gba gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Kí n tó lè fi wọ́n wéra, mo ní láti bi ẹni àkọ́kọ́ pé wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ó ní kò ní dín ní 12, kò sì ní ju 18 lọ, ìyẹn 72,000 sí 108,000 náírà, àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni owó àgbàṣe ẹni kejì bọ́ sí.

Ṣé 6,000 kò wá pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ oníbàárà a máa mú owó oṣù, ká ní 400,000 náírà, wọn a pín in sí wákàtí 176 tí òṣìṣẹ́ ń lò lóṣù, wọn a sì ní 2,300 ti tó. Wọ́n gbàgbé pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ayàwòrán fún wákàtí tó fi ń wá oníbàárà tàbí tó fi ń sin gbèsè. Bí ó bá fẹ́ kí 400,000 wọ àpò òun, tí détà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ 140,000, tí wákàtí tó ń rówó lé lórí kò sì ju 90 lọ, 6,000 gan-an ni.

Ìyàtọ̀ tó kù ni ẹni tí ìdádúró yóò jẹ níyà. Lórí owó wákàtí, oníbàárà ni, nítorí náà ẹ fi òpin sí i, kí ó má ṣe kọjá wákàtí 18 láìkọ́kọ́ bi yín. Lórí àgbàṣe, ayàwòrán ni, ìdí nìyẹn tí ti èmi fi ní àtúnṣe méjì péré ló wà nínú 90,000, àti pé 10,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi ẹ̀kọ́ náà kọ́ra: mo ní kó yí àwọ̀ ewé padà lówùúrọ̀, mo tún ní kó gbé nọ́ńbà fóònù sókè lálẹ́, àtúnṣe méjèèjì sì tán pátápátá. Ká ní mo kó wọn jọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ẹyọ kan ni ìbá kà á sí.

Nítorí pé ìwọ̀n ọ̀rá àti ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti dájú, àgbàṣe ni mo mú. Bí n kò bá tíì mọ orúkọ tí ọjà náà yóò jẹ́, owó wákàtí ni ǹ bá yàn, torí kò sí ayàwòrán tí yóò dárúkọ owó àgbàṣe fún ohun tí kò mọ òpin rẹ̀ láìfi èlé sí i.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ béèrè bóyá fáìlì `.ai` tàbí `.svg` wà nínú owó náà, torí `.jpg` kékeré yóò ṣú bàìbàì bí a bá fẹ̀ ẹ́ fún pátákó ìpolówó. Ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni àwòrán náà, nítorí lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tó yà á ló kọ́kọ́ ni ín bí kò bá sí àdéhùn tí a kọ.