Àgbéyẹ̀wò PostHog: bí mo ṣe fi wá ojú-ewé táwọn oníbàárà tuntun ti ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ

Kí n tètè sọ ìdájọ́ mi: PostHog, irinṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun táwọn èèyàn ń ṣe nínú áàpù, dáa fún iṣẹ́ yìí, ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún. Àmọ́ ẹ má retí pé òun ló máa sọ ìdí táwọn èèyàn fi ń sá. Ibi tí wọ́n ti sá ló máa nàka sí, ẹ̀yin lẹ máa tọpasẹ̀ wọn débi ìdí rẹ̀.

Áàpù àjọ la ṣe, fún àwọn ọlọ́jà àti awakọ̀ nílùú Ìbàdàn, orí Áńdíróìdì nìkan ló sì wà. Nígbà tá a gbé e jáde, àwọn tó ń gbà á sórí fóònù pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ títí dé òpin kéré. Play Store lè sọ iye èèyàn tó gbà á fún wa, kò lè sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i. PostHog la yàn nítorí pé èèyàn lè ka kóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé a lè ní kí wọ́n tọ́jú ohun tá a bá kó jọ sí Frankfurt dípò Amẹ́ríkà, àti nítorí owó. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tí áàpù bá ròyìn; mílíọ̀nù kan irú ẹ̀ lóṣù kan kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, áàpù kékeré bíi tiwa kò sì sún mọ́ iye yẹn rárá.

Ojú-ewé mẹ́rin ló wà nínú ìforúkọsílẹ̀ wa: nọ́ńbà fóònù, OTP tá a fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà, BVN, lẹ́yìn náà PIN. Ìgbà méjì la ní kí áàpù ròyìn lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí ojú-ewé náà ṣí síwájú èèyàn, àti ìgbà tí èèyàn ṣe ohun tó béèrè tó sì yege. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ròyìn ti yíyege nìkan. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó rí ojú-ewé OTP tó sì kúrò níbẹ̀, àti ẹni tí ojú-ewé náà kò tiẹ̀ ṣí fún. Kóòdù rẹ̀ kò le:

```kotlin
PostHog.capture(
    event = "otp_screen_viewed",
    properties = mapOf("attempt" to attempt)
)
```

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ níbí. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù tàbí BVN ẹnikẹ́ni sínú `properties`. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 wà níbẹ̀, kódà ká ní kò sí, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ fi BVN oníbàárà ṣe nínú àwòrán ìṣirò. Èkejì ni pé áàpù máa ń fún ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ ní ìdánimọ̀ tí kò lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó máa lo ìyẹn títí ìforúkọsílẹ̀ á fi parí, kẹ́ ẹ tó pe `PostHog.identify()`. Bí ẹ bá pe `reset()` láàárín ọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo á di èèyàn méjì, á sì dà bíi pé ọ̀kan nínú wọn sá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá lọ sí apá tí wọ́n pè ní `Funnels`. Ẹ ó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn tẹ̀ léra, á sì ya òpó fún ìkọ̀ọ̀kan: àwọn tó kọjá, àtàwọn tó já bọ́. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì ti gbà pé BVN ló ń lé èèyàn, torí ta ni kì í bẹ̀rù BVN nílùú yìí? Àmọ́ BVN kọ́. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó dé ojú-ewé OTP, bíi mẹ́rin ni kò kọjá níbẹ̀. Àwọn tó dé BVN tí kò kọjá kò ju bí ẹnì kan àbọ̀ lọ nínú mẹ́wàá.

Ká má tíì kúrò lórí òpó yìí, ohun kan wà tó lè tan èèyàn jẹ. Àkókò tí PostHog fún èèyàn láti parí ìgbésẹ̀ gbogbo jẹ́ ọjọ́ 14, àyàfi tẹ́ ẹ bá yí i padà. Ìyẹn ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ sú lónìí, tó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tó sì ṣe é, ẹni tó yege ni wọ́n máa kà á sí. Fún ìforúkọsílẹ̀ tí kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ 14 ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo dín in kù sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn tó ń já bọ́ nídìí OTP tún pọ̀ sí i, ti BVN kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyàtọ̀ yẹn sọ ohun kan fún mi: ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn yìí kò kọ áàpù wa, wọ́n ń gbìyànjú, ohun kan ló ń dá wọn padà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ la kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ 2442, tó ní kí wọ́n má fi ìpolówó da òun láàmú mọ́, OTP lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bá gbé e gba ọ̀nà ìpolówó. A ní kí sáfà wa máa ròyìn `otp_delivered` fún PostHog nígbàkígbà tí ìjábọ̀ bá dé pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọ fóònù. Kí èyí tó lè bọ́ sí abẹ́ ẹni kan náà, áàpù gbọ́dọ̀ fi ìdánimọ̀ tó wà nínú `PostHog.distinctId()` ránṣẹ́ sí sáfà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Nígbà tá a fi ìgbésẹ̀ yìí sáàárín, àwọn tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn wà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pọ̀. Ìdá tó pọ̀ jù lọ ti gba kóòdù, wọn ò kàn tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ.

Ibí ni PostHog ti gba ìràwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá tẹ apá àwọn tó já bọ́ lára òpó, á kó àwọn èèyàn náà jáde níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì lè ka ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ka bíi mélòó kan, gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì:

```
otp_screen_viewed
Application Backgrounded
Application Opened   from_background: false
phone_screen_viewed
```

`from_background` yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. PostHog ló ń fi í sí i fúnra rẹ̀ lórí Áńdíróìdì. Tó bá jẹ́ `true`, áàpù ṣì wà láàyè lẹ́yìn, èèyàn kàn padà sídìí rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ `false`, áàpù ti kú pátápátá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àárín èkejì àti ìkẹta kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ta ló ń pa áàpù láàárín ìṣẹ́jú kan?

Ọmọ iṣẹ́ wa tó ń gbé fóònù oníbàárà ló dáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Ó ní màmá kan láti Bódìjà pè é, wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo lọ wo nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nínú mẹ́sééjì. Kí n tó padà dé, ó tún ní kí n wá kọ nọ́ńbà fóònù mi. Ṣé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa kọ ọ́ ni?” Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Fóònù tí ràámù rẹ̀ kéré kò lè gba áàpù wa àti áàpù mẹ́sééjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí èèyàn bá lọ ka kóòdù, Áńdíróìdì á pa tiwa kó lè ráàyè. Tó bá padà, ojú-ewé àkọ́kọ́ ló bá. Tó bá tún kọ nọ́ńbà rẹ̀, OTP tuntun á jáde, ti àkọ́kọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, òun ló sì máa ń tẹ̀ torí òun ló há sórí.

Láti dá a lójú, a ní kí áàpù fi ìwọ̀n ràámù kún gbogbo ìròyìn nípasẹ̀ `PostHog.register("ram_gb", ramGb)`, torí PostHog kì í kó ìyẹn fúnra rẹ̀. Nígbà tá a fi `Breakdown` pín òpó náà, fóònù tí ràámù rẹ̀ kò ju 2GB lọ ló kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó já bọ́. Lórí fóònù tó ní 6GB sókè, OTP kò fa wàhálà kankan. Fóònù tí àwa fúnra wa fi ń dán an wò ní ọ́fíìsì ńkọ́? Ẹ ti mọ̀.

Ọ̀nà méjì la gbà tún un ṣe. Àkọ́kọ́, áàpù ń kọ ojú-ewé tí èèyàn dé sínú ibi ìpamọ́ fóònù, kó lè dá a padà síbẹ̀ bí kóòdù kò bá tíì kú. Èkejì, a lo `SmsRetriever` tí Google ṣe, tó máa ń ka kóòdù náà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn jáde nínú áàpù. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju báìtì 140 lọ, lẹ́tà 11 tó jẹ́ àmì áàpù yín sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé báìtì lẹ ń kà o, torí lẹ́tà tó ní àmì ohùn máa ń jẹ ju báìtì kan lọ. `from_background: false` ṣì ń yọjú nídìí OTP, àmọ́ `otp_verified` ló ń tẹ̀ lé e báyìí. Àwọn tó ń já bọ́ níbẹ̀ ti wálẹ̀ sí bíi ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Ìràwọ̀ kan tí mo mú kúrò? Fídíò tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe lo áàpù kì í ṣiṣẹ́ lórí Áńdíróìdì tó bá kéré sí 8, orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wàhálà wa wà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìròyìn máa ń kóra jọ sínú fóònù ná kó tó jáde. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán, tó wá yọ áàpù kúrò láìtún ṣí i, ohun tó ṣe kẹ́yìn kò ní dé ọ̀dọ̀ yín láé. Nítorí náà, ẹ máa fi ohun tí PostHog sọ wé iye tó wà nínú sáfà yín. Ẹni tí kò ní ẹni tó mọ kóòdù kọ nítòsí, irinṣẹ́ yìí kò ní wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, BVN ló wá ga jù. `Application Backgrounded` ló pọ̀ níbẹ̀ náà, àwọn tó bá sì padà máa ń pẹ́ díẹ̀: wọ́n ń lọ tẹ `*565*0#` kí wọ́n lè rí BVN wọn ni, owó sì gbọ́dọ̀ wà lórí láìnì kó tó jáde. À ń dán an wò láti gbé PIN ṣáájú, kí BVN dúró di ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ gbowó rẹ̀.